Ohun Tí Mujeebat Fi Faransé Sọ

Àwọn àgbà ní ẹni tó ní orí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò ní orí. Mujeebat ní méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, síbẹ̀ ojú ń tì í. Ó ti kàwé rẹ̀ yé, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tuntun, ó fi ìborí tó bá a mu bo orí, ọkùnrin tó fẹ́ràn sì ń dúró dè é nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ èdè kan ní Old GRA ní Port Harcourt, níbi tí igi ti bo òpópónà mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ kì í pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú: bàbá rẹ̀ bá a sọ̀ nínú takisí.

"Bàbá, ẹ lè máa lọ báyìí o. Mo ti dé."

"N máa lọ síbo?" Alàgbà Nọ́fíù ń tún kọ́là jalamíà rẹ̀ ṣe. "Ìyá ẹ ní kí n má fi ẹ́ sílẹ̀ títí wàá fi ṣe tán. Ṣé o fẹ́ kí n lọ bá Sàlímọ́tù nílé, kí n ní mo já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí àpò sìmẹ́ńtì?"

"Wọn kì í jẹ́ kí òbí wọlé ni, Bàbá."

"Èmi ò ní wọlé. Ìta ni màá jókòó sí. Àbí wọ́n ń gba owó ìta ní GRA?"

Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Mujeebat náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Lálẹ́ àná, bàbá yìí fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ náà fún ìdajì wákàtí nítorí òní, ṣùgbọ́n ibi ọrùn ọwọ́ nìkan ló mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, èékánná ṣì dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjìlélógún tí èèyàn ti ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ní Elelenwo, kẹrosíìnì kan kì í fọ̀ ọ́ kúrò lára lálẹ́ ọjọ́ kan. Fọ́gànáísà ni Alàgbà Nọ́fíù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, àtìgbà tí kò tíì fẹ́yàwó. Owó táyà ló fi kọ́lé sílé, òun náà ló sì fi rán Mujeebat lọ sí ilé ìwé títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé.

Maígàádì fún un ní àga. Ó wò yíká, ó sì gbé àga náà lọ síbi tí òjìji pọ̀ sí jù nínú ọgbà, lábẹ́ fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mujeebat rí i.  Yàrá tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ẹnu Faransé tó bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí iná kì í jó lójijì, ibìkan ló ti ń rú èéfín.

Oṣù Kìn-ín-ní ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, olùkọ́ wọn, Madámù Belema, obìnrin Kalabari kan tó máa ń so ẹ̀gbà ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọwọ́, pín bébà kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ ló wà nínú rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fi ara rẹ̀ hàn. Orúkọ mi ni báyìí. Mo ń gbé níbí. Iṣẹ́ papa mi ni báyìí; papa ni Faransé ń pe bàbá. Madámù ní kí kálukú dìde, kó fi orúkọ àti ìtàn tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Mujeebat wá iṣẹ́ bàbá rẹ̀ títí nínú bébà náà. Dókítà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ọlọ́pàá, oní-búrẹ́dì, awakọ̀, gbogbo wọn pé. Ẹni tó ń lẹ táyà ò sí níbẹ̀. Ó yẹ kó nawọ́ sókè, kó bi Madámù, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń gòkè.

Ìgbà náà ni ọmọkùnrin tó jókòó síwájú yíjú padà.

Táyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú Táyọ̀, ẹ ó mọ̀ pé àwọn ojú kan wà tí Ọlọ́run ò dá fún ríríran nìkan. Ó ga, ó pupa díẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ ń rọra ta sánsán bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè, ilé ìjọba ni wọ́n ń gbé. Ọwọ́ Mujeebat wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó sì ka ohun tó wà nínú bébà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà: papa mi jẹ́ dókítà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá, a ní ilé tó ní ọgbà òdòdó.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán ni. Ìdajì kíláàsì ló ka ohun kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, Táyọ̀ wá bá a.

"So your popsi na doctor," ó wí. "Bàbá tèmi, customs ni o. Kò lè wo orí fífọ́ sàn."

Ó yẹ kó sọ fún un nígbà náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, Mujeebat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì fi èdìdì di irọ́ náà. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń bomi rin ín. Táyọ̀ bá ní òun fẹ́ wá kí Dadi nílé, á ní Dadi wà lẹ́nu iṣẹ́. Táyọ̀ bá ní kí òun gbé e délé, á ní kó já òun ní oríta Garrison, òun fẹ́ ra nǹkan. Á wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elelenwo, á máa sunkún díẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì máa rántí bó ṣe dì í lọ́wọ́ mú.

Wọ́n ti ṣètò ayé wọn. Bí àwọn méjèèjì bá yege nínú ìdánwò ẹnu yìí, ìwé ẹ̀rí náà ni wọ́n máa fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ògbufọ̀ ní Kútọnu fún ọdún kan. "Tá a bá ti dé Kútọnu," Táyọ̀ máa ń wí, pẹ̀lú Yorùbá tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, "mo máa wá rí Dadi ẹ, mo máa dọ̀bálẹ̀ well well." Ọmọ Port Harcourt ni, Píjìn ló fi ń lálàá.

Bí Mujeebat ṣe múra ìdánwò náà nìyí. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba nílé kéwú. Ohun tí Alùfáà bá kọ sí wàláà láàárọ̀, Mujeebat á ti kà á lórí kó tó di ìrọ̀lẹ́, yálà ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ó wá kọ ogún ìbéèrè tó rò pé wọ́n lè bi òun sílẹ̀, ó kọ ogún ìdáhùn, ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni ń há súrà. Madámù Belema kìlọ̀ fún wọn o.

"Má há a," ó wí. "Ẹni tó bá há a, a máa ń mọ̀. Ohùn ẹ̀ máa ń lọ tààrà bí ọkọ̀ ojú irin. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé la fi ń já a kúrò lójú irin."

Mujeebat gbọ́. Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Méjì méjì ni wọ́n ń wọlé. Òun àti Táyọ̀ ni wọ́n jọ mú papọ̀. Àwọn méjì ló ń dán wọn wò: ẹnì kan ń béèrè, ẹnì kejì ń kọ máàkì sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Madámù Belema ni akọ̀wé. Ẹni tó ń béèrè ni Mọ̀síọ̀ Zakariyya, ọkùnrin arúgbó kan tó wá láti Kútọnu, tí irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun bí òwú, tí ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í tètè bani.

Ìpín kìn-ín-ní, fífi ara ẹni hàn. Kò sí ìmúrasílẹ̀ kankan fún un, wọ́n kàn ń bi èèyàn léèrè ni. Táyọ̀ ṣe tirẹ̀, ó ṣì í sọ níbì méjì, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Ó kan Mujeebat.

"Sọ̀rọ̀ nípa ìdílé rẹ fún wa."

Ọ̀rọ̀ dà bọ́ọ́ lẹ́nu rẹ̀. Papa mi jẹ́ dókítà. Papa mi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Papa mi fẹ́ràn àwọn aláìsàn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó gbọ́ tí àga kan dún lẹ́yìn fèrèsé níta, bí ìgbà tí èèyàn bá sún mọ́ ibi tó ti fẹ́ gbọ́ nǹkan dáadáa. Mọ̀síọ̀ Zakariyya rọra gbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń wò ó. 

Ìpín kejì, gbígbọ́. Wọ́n tan ẹ̀rọ kékeré kan, ohùn obìnrin kan jáde, ó ń fi tẹlifóònù bá oní-ṣọ́ọ̀bù wí nítorí fíríìjì tó rà tí kò tutù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tàn án, pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín, kí wọ́n lè kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè: ọjọ́ wo ló rà á? Kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé o rò pé inú ń bí i? Báwo lo ṣe mọ̀? Mujeebat dáhùn dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìpín kẹta ni àgbà. Bébà kíká wà nínú abọ́ kan. Kálukú á fa méjì, á yan ọ̀kan, á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá múra sílẹ̀ ní yàrá kejì láìsí fóònù, láìsí ìwé. Ó lè kọ kókó ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ tán kó máa kà á. Lẹ́yìn náà, á sọ èrò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnì kejì rẹ̀ á bi í ní ìbéèrè kan, àwọn olùdánwò á sì bi í ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá èèyàn lè ronú nínú èdè náà.

Mujeebat fa tirẹ̀. Èkíní ní: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa dí odò láti fi ṣe iná mànàmáná? Kò mọ ọ̀rọ̀ márùn-ún nípa odò dídí. Èkejì ní: ṣé ó yẹ kí ọmọ máa ṣe iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe? Ó yan èkejì. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ dára. Ó ní kálukú ló ní orí tirẹ̀. Ó ní papa òun jẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n èdè ni òun yàn, papa òun ò sì bínú. Papa, papa, papa. Táyọ̀ ń mi orí, ó ń fi ojú gbá a mọ́ra. Ó wá kan Táyọ̀ láti béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́:

"Kí lo kọ́ lára bàbá rẹ tí kò sí nínú ìwé kankan?"

Ohun tí Mujeebat rí lójú ọkàn rẹ̀ nígbà náà nìyí. Ó rí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó lóṣòó ti ọpọ́n omi kan lẹ́bàá títì. Bàbá rẹ̀ ń yí ṣúùbù inú táyà tó kún fún atẹ́gùn lọ nínú omi, díẹ̀ díẹ̀. "Má kánjú," ó ń wí. "Má wo ṣúùbù. Omi ni kó o máa wò. Ibi tí ihò wà, omi á sọ fún ẹ." Òun ló máa ń kọ́kọ́ rí èéhó kéékèèké tó ń ta jáde, á sì fi ìka dí ibẹ̀, bàbá rẹ̀ á fi bírò sàmì sí i, á ha á, á kun gọ́ọ̀mù, á dúró kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ díẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́. Mujeebat mọ gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ mọ Faransé rẹ̀: omi, ihò, atẹ́gùn, sùúrù. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tò síwájú ẹnu rẹ̀ bí èrò ọkọ̀.

Ó wo Táyọ̀. Ó gbé wọn mì.

"Ó kọ́ mi kí n máa fọ ọwọ́ mi," ó wí.

Mọ̀síọ̀ Zakariyya tẹ̀ síwájú. Ó ti gbọ́ ọkọ̀ ojú irin náà láti àárọ̀, ó fẹ́ já a kúrò lójú irin, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. "Ó dáa. Aláìsàn méjì dé sí ilé ìwòsàn bàbá rẹ. Ọ̀kan ọmọdé, ọ̀kan arúgbó. Bẹ́ẹ̀dì kan ló ṣẹ́kù. Bàbá rẹ yíjú sí ọ, ó ní: Mujeebat, ta ni ká fún? Kí lo máa sọ fún un, kí sì nìdí?"

Ìbéèrè tó dára ni. Kò nílò ìmọ̀ ìṣègùn rárá, ọgbọ́n orí lásán ló nílò. Ṣùgbọ́n ọkàn Mujeebat ń wá bẹ́ẹ̀dì yẹn kiri nínú ilé ìwòsàn tí kò sí, kò rí i. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Bírò Madámù Belema dúró. Nínú ìdánwò ẹnu, ìdákẹ́jẹ́ ló ń jẹ máàkì jù.

Mọ̀síọ̀ Zakariyya ṣàánú rẹ̀, ó mú ìbéèrè náà rọrùn. "Jẹ́ ká gbà pé o bi bàbá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí lo rò pé òun fúnra rẹ̀ máa sọ?"

"Kò ní sọ nǹkan kan," Mujeebat wí. Ó fẹ́ kí ìbéèrè náà parí, ohun tó fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wá gbólóhùn tó kúrú jù nínú gbogbo Faransé tó mọ̀. "Papa mi ti kú."

 Táyọ̀ la ẹnu. Mọ̀síọ̀ Zakariyya tẹ orí ba, ó ní kó má bínú, òun ò mọ̀. Kò tún béèrè mọ́. Níta, lẹ́yìn fèrèsé, ọkùnrin kan wú ikọ́ tó ń mú un láti ìgbà ọyẹ́.

Mujeebat ló kọ́kọ́ jáde. Bàbá rẹ̀ ti dìde, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mo gbọ́ ẹ," ó wí. "Mi ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ papa. Mo kà á, ó tó ìgbà mẹ́jọ. Maígàádì ní èmi ni ò ń sọ. Kí lo sọ nípa mi?"

Kó tó dáhùn, Táyọ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ohùn rẹ̀ fọ́. "All this time. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Ó wá rí ọkùnrin tó dúró níwájú wọn. "Ta ni bàbá yìí?"

Mujeebat ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò lè dárí ẹ̀ ji ara rẹ̀ títí dòní. Ó fi Faransé dáhùn, kí ọ̀kan má baà gbọ́ ohun tó sọ fún èkejì. Ó ní àbúrò bàbá òun ni.

Táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ọmọlúàbí ni, bó ti wù kí Yorùbá rẹ̀ máa kọsẹ̀.

"Ẹ kú... ẹ kú ìrọ́jú, sà," ó wí. "Ẹ kú ẹ̀gbọ́n yín. Ìsisìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá Mujeebat ti... ti kú. Kí Ọlọ́run tù yín nínú."

Alàgbà Nọ́fíù ń wò ó láti òkè. Ó wo ọmọ náà nílẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ọwọ́ ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ló wo Mujeebat. Kò pẹ́. Ẹni tó ti ń wá ihò nínú omi fún ọdún méjìlélógún, kì í pẹ́ kó tó rí i.

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí wọ́n má baà hàn.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí. "A dúpẹ́. Èèyàn dáadáa ni olóògbé. Kí Ọlọ́hun forí jì í."

"Àmín, sà," Táyọ̀ wí.

"Àmín," Alàgbà Nọ́fíù wí.

Ká ní ó bínú ni. Ká ní ó gbá a létí níwájú gbogbo GRA ni, Mujeebat ì bá rí ibi fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń ṣe àdúrà fún òkú ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nítorí kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀.  Mujeebat kúnlẹ̀.

"Táyọ̀, bàbá mi nìyí," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò kú. Táyà ni wọ́n ń lẹ̀ ní Elelenwo. Wọn ò fìgbà kan jẹ́ dókítà. Mo parọ́ ni."

Táyọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀.

"Since January?"

"Láti oṣù Kìn-ín-ní."

"And you kill am today. Pẹ̀lú ẹnu ẹ." Kò pariwo. "Táyà bàbá mi náà máa ń jò o, Mujeebat. Kí lo rò pé mo máa ṣe?"

 Táyọ̀ yí sí Alàgbà Nọ́fíù, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun nítorí àdúrà yẹn. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀nà géètì lọ. "Màá pè ẹ́," ó wí láìbojú wẹ̀yìn. Mujeebat mọ irú màá-pè-ẹ́ tó jẹ́. Ó ti kà nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tó ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dùn ún gan-an nìyẹn, nínú egungun, bí eyín.

"Dìde," bàbá rẹ̀ wí. "Aṣọ ẹ ń bàjẹ́."

Ó dìde, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e. Ó padà lọ sí yàrá ìdánwò, ó kan ilẹ̀kùn. Àwọn méjì tó kàn ṣì wà ní yàrá kejì, wọ́n ń múra sílẹ̀. Mọ̀síọ̀ Zakariyya ń mu omi. Mujeebat ò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Faransé tí kò há sórí, tí kò tò sí ibì kankan rí. Ó ní papa òun wà láàyè. Ó ní papa náà ló jókòó sábẹ́ fèrèsé yìí. Kò mọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Faransé, nítorí náà ó ṣàpèjúwe rẹ̀: ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó yí róbótó, wọ́n kún fún atẹ́gùn, bí ìṣó bá gún wọn, papa mi ni wọ́n ń wá. Ó sọ nípa ọpọ́n omi. Ó sọ nípa èéhó. Ó ní bí aláìsàn bá jẹ́ méjì tí bẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ ọ̀kan, papa òun máa wò wọ́n dáadáa ná kó tó yan ẹnì kankan, nítorí ohun tó ń pariwo kọ́ ló ń jò jù. Ó ṣì í sọ níbi púpọ̀. Ó padà, ó tún un ṣe, ó ń bá a lọ. Omijé ń já bọ́, kò nù ún.

Nígbà tó dákẹ́, Mọ̀síọ̀ Zakariyya gbé ife sílẹ̀.

"Ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn," ó wí.

Mujeebat wo bébà tó wà níwájú Madámù Belema. Madámù fi ọwọ́ bò ó.

"A ti buwọ́ lu tìẹ," ó wí, pẹ̀lú ojú àánú tó dà bíi pé òun náà ló ṣẹ̀. "O yege. Kì í ṣe dáadáa púpọ̀, o kàn yege ni. Òótọ́ kọ́ la ń fún ní máàkì níbí, Mujeebat. Ẹni tó bá lè fi Faransé parọ́ kó yé wa, ó ti ṣe é. A ò lè fi èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kún un. Lọ bá bàbá ẹ."

Ó lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti máa rí ọkọ̀ Garrison. Bàbá wà níwájú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó sì dà bíi pé ó ti gbàgbé pé kò sí ẹni tó ń fi wọ́n pamọ́ fún mọ́. Mujeebat ń wo ọwọ́ méjèèjì náà bí wọ́n ṣe di ara wọn mú lórí jalamíà funfun. Ó fẹ́ sọ pé kí Bàbá dárí ji òun. 

"Ṣé o yege?" bàbá rẹ̀ béèrè láìyíjú.

"Mo yege, Bàbá."

"Alihamudulilai."

Ọkọ̀ méjì kọjá. Wọn ò dá ìkankan dúró. 

"Kí lo ní ó pa mí?"

Mujeebat dúró sójú kan lójú títì.

"Wọn ò bi mí, Bàbá," ó wí.

Alàgbà Nọ́fíù mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ohun tó fẹ́ rà fún, ó sì na ọwọ́ dúdú rẹ̀ jáde láti dá ọkọ̀ dúró.